Níbo Ni Tíọ́rì Wà Nínú Iṣẹ́ Yìí?

Gbólóhùn kan wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ oyè másítàsì máa ń bá nínú ìwé tí olùyẹ̀wò kọ lẹ́yìn dìfẹ́ǹsì: "Àgbékalẹ̀ tíọ́rì iṣẹ́ yìí kò lágbára tó." Ọkàn ẹni tó bá kà á á pòrúurùu, nítorí kò yé e ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe gan-an. Ó sáà ti to tíọ́rì mẹ́ta sí Orí Kejì. Ó dárúkọ àwọn tó dá wọn sílẹ̀, ó sì kọ ọdún wọn síbẹ̀. Kí ló tún kù?

Ohun tó kù ni pé tíọ́rì náà kò kúrò ní Orí Kejì. Olùyẹ̀wò wá a nínú ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ bi àwọn èèyàn, kò rí i. Ó wá a nínú àwọn àtẹ èsì àti nínú àbá ìparí, kò rí i níbẹ̀ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá lọ fi ojú-ìwé márùn-ún mìíràn kún Orí Kejì ti ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé àpẹẹrẹ kan dé òpin. Ká sọ pé ọmọbìnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìlera ará ìlú ṣe ìwádìí lórí ìdí tí àwọn ìyá kan nílẹ̀ Yorùbá fi ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wọn tí wọn kì í sì í parí rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n bá bí i, ó ń gbà á ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, kó tó wá kan abẹ́rẹ́ èéyí ní oṣù 9. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ 14 àti oṣù 9 yìí gùn, ibẹ̀ sì ni àwọn ìyá inú ìwádìí rẹ̀ ti ń jáwọ́. Nínú àwọn tíọ́rì mẹ́ta tó tò, èyí tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu jù ni tíọ́rì Ìgbàgbọ́ nípa Ìlera.

Ó yẹ ká mọ ibi tí tíọ́rì náà ti wá, torí ìtàn rẹ̀ ló jẹ́ kí lílò rẹ̀ yéni. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ìjọba Amẹ́ríkà ń ya àwòrán àyà fún ará ìlú lọ́fẹ̀ẹ́ láti tètè rí ikọ́ ẹ̀gbẹ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn kò yọjú. Godfrey Hochbaum, Irwin Rosenstock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba náà wá ń bi ara wọn pé kí ló dé. Hochbaum rí i pé nínú àwọn tó gbà pé ikọ́ náà lè mú àwọn, tí wọ́n sì gbà pé ó sàn kí wọ́n tètè rí i, ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ ya àwòrán náà fúnra wọn. Nínú àwọn tí kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì gbọ́, ìdá 21 péré ni. Láti ibẹ̀ ni tíọ́rì náà ti dàgbà tó fi ní ẹ̀ka mẹ́fà: bóyá èèyàn gbà pé àrùn náà lè mú òun, bóyá ó gbà pé ó léwu, bóyá ó rí àǹfààní nínú ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ìdènà tó wà lọ́nà rẹ̀, ohun tó ń ta á jí, àti ìdánilójú pé agbára òun ká a. Ọdún 1988 ni wọ́n fi ìkẹyìn yìí kún un.

Iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ wa mú ìwé ìbéèrè rẹ̀ jáde, tó sì kọ ẹ̀ka tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan bọ́ sí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè 32 ló wà níbẹ̀. Mẹ́fà jẹ́ ti ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti irú bẹ́ẹ̀. Mẹ́rin dá lórí bóyá àrùn lè mú ọmọ, márùn-ún lórí ewu rẹ̀, mẹ́fà lórí àǹfààní abẹ́rẹ́, mẹ́sàn-án lórí ìdènà. Méjì péré ló kan ohun tó ń ta ìyá jí. Kò sí ẹyọ kan lórí ìdánilójú.

Lẹ́yìn èyí ló tún àwọn àtẹ Orí Kẹrin tò. Kò fọwọ́ kan èsì kankan, ṣùgbọ́n ó kó àwọn ìbéèrè tó jẹ́ ti ẹ̀ka kan náà pọ̀, ó sì fi àwọn ìyá tó parí abẹ́rẹ́ wé àwọn tí kò parí. Nǹkan kan hàn tí kò hàn tẹ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ gbà pé èéyí léwu, wọ́n sì jọ gbà pé abẹ́rẹ́ ń dènà rẹ̀. Ìdènà ni wọ́n ti yàtọ̀ síra. Ohun tí àwọn tí kò parí sọ jù ni pé wọ́n débẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹni tó bá mọ ilé ìwòsàn mọ ohun tó fà á. Ìgò abẹ́rẹ́ èéyí tó wọ́pọ̀ máa ń tó ọmọ mẹ́wàá, bí wọ́n bá sì ti pò ó tán, ìyókù tí wọn kò bá lò láàárín wákàtí 6 di dídànù. Nítorí náà, àwọn nọ́ọ̀sì kan kì í fẹ́ ṣí i fún ọmọ méjì péré.

Ẹ wá wo Orí Karùn-ún tó ti kọ tẹ́lẹ̀. Ó dábàá pé kí ìjọba máa la àwọn ìyá lọ́yẹ̀ sí i! Èsì tirẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti yé wọn. Ohun tí olùyẹ̀wò fura sí nìyí nígbà tó ní tíọ́rì kò lágbára, mo sì gbà pé ó ṣe akẹ́kọ̀ọ́ náà lóore ńlá. Àbá tuntun náà di pé kí ilé ìwòsàn yan ọjọ́ kan pàtó fún abẹ́rẹ́ èéyí, kí wọ́n kọ ọ́ sórí káàdì ọmọ, kí wọ́n sì ṣí ìgò lọ́jọ́ náà, iye ọmọ yòówù kó wá.

Ó kù kó kọ èsì. Ibí yìí ni ìdẹwò ńlá wà, ìyẹn ni kó tún Orí Kẹta kọ bí ẹni pé tíọ́rì ló darí ìwé ìbéèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, torí irọ́ ni. Olùyẹ̀wò tó bá rí i pé ẹ̀ka kan nínú mẹ́fà kò ní ìbéèrè kankan á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó kọ nìyí: "Ẹ ṣeun, ma. Òótọ́ ni pé a kò lo tíọ́rì tí a dárúkọ. A ti yọ méjì kúrò. Lẹ́yìn tí a ti gba èsì tán ni a fi tíọ́rì Ìgbàgbọ́ nípa Ìlera ṣètò rẹ̀, a sì sọ bẹ́ẹ̀ ní ojú-ìwé 48. Àtẹ tó fi ẹ̀ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan hàn wà ní ojú-ìwé 50. A kò wádìí ìdánilójú àwọn ìyá, ìbéèrè méjì lórí ohun tó ń ta wọ́n jí kò sì tó láti gbé ìpinnu kà. A ti fi èyí sí ibi tí iṣẹ́ wa mọ, ní ojú-ìwé 97."

Olùyẹ̀wò tún béèrè ìdí tí kò fi lo tíọ́rì Ìwà Àpinnuṣe tí Icek Ajzen gbé kalẹ̀, èyí tó ka èrò àwọn tó yí èèyàn ká sí. Ìbéèrè yìí le, nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ àti ìyá ọkọ kì í ṣe kékeré nínú ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ọmọ. Kì í ṣe gbogbo àbá olùyẹ̀wò ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gbà, ṣùgbọ́n èyí tí kò bá gbà, kó sọ ìdí rẹ̀ láti inú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ó kọ ọ́ báyìí: "A gbà pẹ̀lú yín pé èrò ọkọ àti ìyá ọkọ ṣe pàtàkì. Ìbéèrè ẹyọ kan péré ni a bi lórí rẹ̀, kò sì ṣeé ṣe láti padà sọ́dọ̀ àwọn ìyá náà. Bí a bá fi tíọ́rì yìí kún un, a ó tún ní tíọ́rì tí kò ní èsì lẹ́yìn. A ti dábàá rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú nínú ìwádìí yìí, ní ojú-ìwé 99."

Àwọn nọ́ńbà ojú-ìwé wọ̀nyí ni ohun tó kọ kẹ́yìn, nígbà tí alábòójútó rẹ̀ ti ka gbogbo àtúnṣe tán tí ojú-ìwé kò sì ní í yí padà mọ́.