Aago Mẹ́rin Ìbàdàn, Aago Mélòó ní Hiúsítìn?

Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ń gbé lókè òkun ló ṣì ní dókítà nílé. Ẹlòmíràn wá sílé, ó ṣe iṣẹ́ abẹ, ìsinmi rẹ̀ sì parí kí dókítà tó rí i tán. Àyẹ̀wò tó kù di ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó wà nílé ló máa ń bá ilé ìwòsàn sọ ọ́: òun ló ń sanwó, fóònù rẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ ń wọlé sí, òun náà ló sì ń fèsì pé àwọn ti gbà. Ìdáhùn yẹn gan-an ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́, nítorí aago tí ẹni ilé ń wò kọ́ ni aláìsàn ń wò.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń gbé ní Hiúsítìn, ní ìpínlẹ̀ Tẹ́sáàsì. Ká sọ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún un ní Ìbàdàn ní àárín oṣù Kẹsàn-án ọdún 2026, tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá. Òògùn oníhóró kan ló ń lò láràárọ̀ báyìí, dípò ohun tí ẹran ọrùn tí wọ́n gé kúrò ń ṣe nínú ara. Òògùn yìí máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó fìdí kalẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, èsì rẹ̀ lè ṣini lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi sún ìfojúrí náà sí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kọkànlá. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹwàá, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn rí àtẹ̀jíṣẹ́ yìí gbà:

"Àdéhùn yín pẹ̀lú dókítà: 05/11/2026, aago 4:00 ìrọ̀lẹ́. Ẹ fèsì BẸ́Ẹ̀ NI bí ẹ bá gbà."

Àbúrò fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo fóònù rẹ̀, ó rí i pé wákàtí mẹ́fà ni Hiúsítìn fi wà lẹ́yìn Ìbàdàn, ó sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Àǹtí, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni tiyín o." Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà lọ́jọ́ tó ṣe é. Kò tọ̀nà mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n máa rí dókítà.

Nàìjíríà kì í yí aago padà, Amẹ́ríkà ń yí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ní Ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta, wọ́n á sún un síwájú ní wákàtí kan. Ní Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá, wọ́n á dá a padà. Lọ́dún 2026, ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ni ìdápadà náà bọ́ sí, ìyẹn ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú àdéhùn yìí. Láti ọjọ́ náà, wákàtí méje ló wà láàárín Ìbàdàn àti Hiúsítìn. Bí aago mẹ́rin bá lù ní Ìbàdàn, aago mẹ́sàn-án ni lọ́hùn-ún. Bí Àǹtí bá jókòó sídìí fóònù ní aago mẹ́wàá, aago márùn-ún ti lù nílé, dókítà sì ti lè máa lọ sílé. Ti oṣù Kẹta kò burú tó bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá fi ìṣirò àtijọ́ ṣe é nígbà yẹn á tètè dé ni, á kàn jókòó dúró.

Ẹni tó ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọjọ́ tiwọn yàtọ̀. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta àti ti oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń yí tiwọn. Nígbà ooru, aago wọn àti tiwa dọ́gba. Nígbà òtútù, wọ́n fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa.

Nítorí náà, aago dókítà ni ká dì mú, ká sì ṣírò aago aláìsàn gẹ́gẹ́ bó ṣe máa rí lọ́jọ́ àdéhùn. Aago ìlú méjì tí fóònù ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kò lè ṣe èyí, torí ti ìsinsìnyí nìkan ló mọ̀. Kálẹ́ńdà inú fóònù ló mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ àdéhùn náà síbẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ yan Lagos níbi tó ti ń béèrè agbègbè aago, kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí aláìsàn. Fóònù tirẹ̀ á yí i sí aago ibi tó wà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá wá orúkọ Hiúsítìn nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò rí i, kó wo Chicago. Agbègbè aago kan náà ni àwọn méjèèjì wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ má fi "bẹ́ẹ̀ ni" lásán dá ilé ìwòsàn lóhùn. Èsì tí mo máa kọ nìyí:

"A ti gbà. Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù Kọkànlá 2026. Ìbàdàn: aago 4 ìrọ̀lẹ́. Hiúsítìn: aago 9 àárọ̀ ọjọ́ kan náà. Hiúsítìn ni aláìsàn máa wà nígbà tí ẹ bá pè é."

Mo kọ orúkọ oṣù jáde nítorí pé ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà máa ń ka oṣù ṣáájú ọjọ́; lójú rẹ̀, 05/11 jẹ́ ọjọ́ kọkànlá oṣù Karùn-ún. Mo fi "ọjọ́ kan náà" sí i nítorí pé kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Ká ní Sídínì ní Ọsirélíà ni Àǹtí ń gbé, aago méjì òru Ọjọ́ Ẹtì ni ì bá jẹ́ fún un. Ìlú tó máa wà ṣe pàtàkì pẹ̀lú, torí bó bá rìnrìn àjò lọ sí Àtìláńtà lọ́sẹ̀ náà, aago mẹ́wàá ló máa di. Dókítà náà sì máa fẹ́ mọ̀ ọ́n: ibi tí aláìsàn jókòó sí ni òfin ìṣègùn ń wò. Dókítà Ìbàdàn lè gbọ́ ohùn rẹ̀ bóyá ó ṣì há, kó wo ojú ọgbẹ́, kó sì kọ lẹ́tà sí dókítà rẹ̀ ní Hiúsítìn. Ṣùgbọ́n bí òògùn bá máa yí padà, dókítà tó ní ìwé àṣẹ ní Tẹ́sáàsì ló máa kọ ọ́, kí ilé òògùn ibẹ̀ tó lè tà á fún un.

Ó ku ẹ̀ẹ̀kejì. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá, kí àbúrò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gẹ́ẹ́, wákàtí tí dókítà máa pè lọ́jọ́ kejì.

"Ẹ kú àárọ̀, Àǹtí. Aago mélòó ló lù lọ́dọ̀ yín báyìí?"

"Mẹ́sàn-án ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Kí ló dé?"

"Bó ṣe máa rí lọ́la nìyẹn. Kí ni kálẹ́ńdà yín ń sọ?"

Bí kálẹ́ńdà bá sọ pé mẹ́sàn-án, ó parí. Bó bá sọ pé mẹ́wàá, ẹnì kan ló fi ọwọ́ kọ aago Hiúsítìn sí i láti oṣù Kẹwàá. Kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n kọ òmíràn pẹ̀lú aago Lagos. Lórí ìpè kan náà, kí ó tẹ líǹkì ilé ìwòsàn wò bóyá ó ń ṣí, kó sì dojú kọ fèrèsé kí àbúrò rẹ̀ wo ọrùn rẹ̀ bóyá àpá náà hàn dáadáa. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wà lẹ́yìn èèyàn, ọrùn á ṣókùnkùn ni, dókítà kò sì ní rí nǹkan kan.

Bí dókítà bá ní òun fẹ́ tún rí i, wákàtí méje yẹn ṣì ni wọ́n á máa lò títí di ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta ọdún 2027. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Amẹ́ríkà máa tún sún aago síwájú, aago mẹ́rin Ìbàdàn á sì padà di aago mẹ́wàá ní Hiúsítìn.