Nọ́ńbà ni kó ṣíwájú

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NAFDAC ní kí wọ́n kó oògùn ikọ́ ọmọdé kan kúrò lórí igbá. Àyẹ̀wò wọn ló rí kẹ́míkà olóró nínú rẹ̀. Irú ìkéde báyìí sábà máa ń fi orúkọ kẹ́míkà ṣíwájú, bẹ́ẹ̀ ìyá tí ọmọ ń wúkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lóru kò mọ ìyẹn. Báyìí ni mo ṣe tún un kọ fún Wásáàpù:

“Ẹ wo ara ìgò Benylin Paediatric yín. Bí ẹ bá rí 329304, ẹ má fún ọmọ mu mọ́. Johnson & Johnson ló ṣe é ní Gúúsù Áfíríkà; NAFDAC ló pè é padà. Ẹ gbé ìgò náà lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC tó wà nítòsí. Bí ọmọ bá ti mu ún, tó ń bì tàbí tí kò tọ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíá, tòun ti ìgò.”

Ẹ má yọ “tí kò tọ̀” yẹn kúrò bí ẹ bá ń gé e kúrú. Kíndìnrín ni májèlé yìí ń bà jẹ́.