Ẹ fẹ́ yá owó báńkì fún ṣọ́ọ̀bù yín l'Àbújá? Oṣù tí ọjà kò tà ni kẹ́ ẹ wò dáadáa

Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ l'Àbújá ló ti mọ̀ pé báńkì máa ń béèrè ètò ìnáwó kó tó yáni lówó. Àmọ́ kì í ṣe bí èrè ṣe pọ̀ tó ni òṣìṣẹ́ báńkì ń wá níbẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá owó á wà nílẹ̀ lóṣooṣù tí ọjọ́ sísan bá pé.

Ẹ jẹ́ ká fi káfíńtà kan ní Kúgbo ṣe àpẹẹrẹ. Àwa la fojú bu iye owó ọjà rẹ̀. Ó fẹ́ yá mílíọ̀nù kan náírà fún ọdún mẹ́ta, pẹ̀lú èlé náírà 9 lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún, irú èyí tí ìjọba àpapọ̀ gbé gba ọwọ́ báńkì BOI fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní 2024. Tó bá jẹ́ pé orí gbèsè tó ṣẹ́ kù nìkan ni wọ́n ń ka èlé sí, yóò máa san nǹkan bíi ₦31,800 lóṣù. Tó bá jẹ́ orí odindi mílíọ̀nù náà ni títí dé òpin, á di nǹkan bíi ₦35,300. Ẹ béèrè èyí kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé o.

Ó kà á pé òun ń ta bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ní ₦120,000 àti tábìlì mẹ́rin ní ₦60,000 lóṣù. ₦600,000 nìyẹn. Pákó, gọ́ọ̀mù àti fọ́ọ̀mù gba ₦340,000. Owó ṣọ́ọ̀bù, epo jẹnẹrétọ̀, owó àwọn ọmọṣẹ́ àti owó oṣù òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ₦205,000. Ó ku ₦55,000. Tó bá san ti báńkì, ₦23,200 ṣẹ́ kù.

Ká wá ní nínú oṣù mẹ́ta lọ́dún, bẹ́ẹ̀dì méjì àti tábìlì mẹ́ta péré ló tà. Owó tó wọlé di ₦420,000, pákó àti ìyókù wá sí ₦238,000, àmọ́ ₦205,000 yẹn ò dín. Ó ti jẹ gbèsè ₦23,000 kó tó kan ti báńkì. Pẹ̀lú ti báńkì, ₦54,800 ló ń wá lóṣù kọ̀ọ̀kan, ₦164,400 fún oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó gbọ́dọ̀ máa fi nǹkan bíi ₦18,300 pamọ́ nínú oṣù mẹ́sàn-án tí ọjà tà. Kó kọ ọ́ sínú ètò náà bí ìnáwó gidi. Bó bá sì jẹ́ pé oṣù tí ọjà kò tà ló máa ṣáájú, owó ìpamọ́ ò tíì sí nìyẹn. Kó bẹ báńkì pé kí sísan bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tàbí kó dín owó tó fẹ́ yá kù.

Ohun kan tún kù. Bí ìwé yín bá sọ ₦600,000, tí àkáǹtì yín sì ń fi ₦200,000 hàn lóṣù, èyí tó wà nínú àkáǹtì ni báńkì máa gbà gbọ́. Ẹ jẹ́ kí owó ọjà máa gba inú àkáǹtì kọjá fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó lọ.