Àyè Kan, Kírédíìtì Méjì

Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní eré ìdárayá tàbí ijó ló ṣì ń fi Wáásáàpù gba orúkọ. Olùkọ́ á kéde pé kíláàsì ọjọ́ Ìṣẹ́gun yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àwọn èèyàn á sì máa to orúkọ wọn tẹ̀lé ara wọn. Kò sí wàhálà títí dìgbà tí orúkọ bá di 16, tí ẹní tó wà nílẹ̀ kò sì ju 12 lọ. Ìgbà náà ni olùkọ́ á wá ẹni tí yóò bá a kọ ètò tí yóò máa gba orúkọ fúnra rẹ̀ lórí fóònù.

Ohun tó kọ́kọ́ yẹ kí ẹni tó ń kọ ọ́ mọ̀ ni pé "gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun" kì í ṣe kíláàsì kan ṣoṣo. Kó dá ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè 12 tirẹ̀. Bí ọdún Iléyá bá bọ́ sí ọ̀kan nínú wọn, ìyẹn nìkan ni wọ́n á fagilé. Aago ìlú tí kíláàsì wà ni kó sì fi ṣe òṣùwọ̀n. Aago Èkó kì í yí padà, àmọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù wọ́n ń sún un ní ìparí oṣù Kẹta àti ìparí oṣù Kẹwàá. Ètò tí kò bá mọ ìyẹn lè sọ kíláàsì aago mẹ́fà di ti aago márùn-ún tàbí méje.

Kírédíìtì ló kàn. Oníbàárà á san owó kíláàsì 10 lẹ́ẹ̀kan, a ó sì máa yọ ọ̀kan nígbàkigbà tó bá gba àyè. Àwọn kan máa ń tọ́jú iye tó kù nìkan, wọ́n á pa ti àná rẹ́, wọ́n á kọ ti òní. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá wá ní, "Mẹ́rin ló yẹ kó kù fún mi, kí ló dé tí mo rí mẹ́ta?", kò ní sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Bíi káàdì alájọ ló yẹ kó rí: gbogbo ohun tó wọlé àti èyí tó jáde ló ní àmì tirẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìdí, a kì í sì í pa ọ̀kankan rẹ́.

Ìgbà tí ẹnì kan bá fagilé lọ̀rọ̀ wá ń le. Ká ní gbèdéke jẹ́ wákàtí 12: ẹni tó bá fagilé kí aago mẹ́fà àárọ̀ Ìṣẹ́gun tó lù yóò gba kírédíìtì rẹ̀ padà, ẹni tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ti pàdánù tirẹ̀. Kíláàsì ti kún. Lágbájá wà nínú rẹ̀. Tàmẹ̀dù ló wà níwájú àwọn tó ń dúró de àyè, Làkáṣègbè tẹ̀lé e. Lágbájá fagilé ní aago márùn-ún ìdájí. Lójú ẹsẹ̀, ètò náà fi Tàmẹ̀dù rọ́pò rẹ̀, ó yọ kírédíìtì kan, ó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Tàmẹ̀dù ń sùn ní tirẹ̀. Nígbà tó fi jí ní aago méje, tó ń múra Ọ̀yọ́, gbèdéke ti ré kọjá. Ó pàdánù owó lórí àyè tí kò mọ̀ pé òun ní. Òfin méjì tí wọ́n kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọlu ara wọn.

Kí rírọ́pò láìbéèrè dáwọ́ dúró ṣáájú gbèdéke, bí aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ajé, nígbà tí èèyàn ṣì lè rí àtẹ̀jíṣẹ́ kó sì kọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà lọ, kí ètò náà ké sí gbogbo àwọn tó ń dúró pọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ "Mo gbà" ló ni àyè. Ìgbà yẹn ni kó yọ kírédíìtì rẹ̀, torí ẹni tó ní ẹyọ kan péré lè máa dúró de kíláàsì mẹ́ta.

Bí àwọn méjì bá wá tẹ̀ ẹ́ pa pọ̀ ńkọ́? Ètò tí kò gbọ́n á yẹ àyè wò lẹ́ẹ̀mejì, á rí i lẹ́ẹ̀mejì pé ọ̀kan ṣófo, á sì fún àwọn méjèèjì. Èèyàn 13 á wá dé bá ẹní 12. Àwọn tó ń lo PostgreSQL ní àṣẹ tó ń ti ìlẹ̀kùn kíláàsì náà títí ẹni àkọ́kọ́ yóò fi parí:

```
BEGIN;
SELECT capacity FROM class_dates WHERE id = 42 FOR UPDATE;
-- ka orúkọ, fi ẹni tó kàn sí i, yọ kírédíìtì
COMMIT;
```

Ẹni kejì á dúró díẹ̀, kó tó wọlé, á rí i pé àyè ti tán.

Ó ku ẹni tó fagilé ní aago méjì ọ̀sán, lẹ́yìn gbèdéke. Bí ẹlòmíràn bá gba àyè rẹ̀, olùkọ́ ti gba kírédíìtì méjì lórí ẹní kan. Lójú tèmi, kó dá ti ẹni àkọ́kọ́ padà. Ẹni tó bá mọ̀ pé owó òun ti lọ kò ní yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti fagilé, kò kàn ní wá ni, ẹní á sì ṣófo nígbà tí àwọn mẹ́rin ń retí àyè. Bí ó bá mọ̀ pé òun lè rí i gbà padà bí ẹnì kan bá rọ́pò òun, á tètè sọ.

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò kọ irú ètò yìí fún yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí kírédíìtì aago méjì ọ̀sán yẹn. Bí kò bá rí i sọ, ẹ má tíì sanwó.