Asẹ́ Tó Yọ Ariwo Iná Kúrò Lára Ìlùkìkì Ọkàn

Àwòrán méjì ló wà nínú ìjábọ̀ náà. Ti àkọ́kọ́ dà bí ìlà tó hu irun: ìlùkìkì ọkàn wà níbẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ ń yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìgbì wẹ́wẹ́ tí kì í sinmi ti bo ìyókù mọ́lẹ̀. Ìkejì mọ́ tónítóní. Asẹ́ kan ló wà láàárín àwòrán méjèèjì, abala ìjíròrò ló sì gbọ́dọ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ tí asẹ́ yẹn ṣe: ibi tí ìgbì wẹ́wẹ́ ti wá, bó ṣe lọ, àti ohun tó bá a lọ.

Ibi tó ti wá kò jìnnà. Ọkàn máa ń mú iná díẹ̀ jáde nígbàkígbà tó bá fẹ́ lù, iná yìí a sì dé awọ ara, níbi tí ìwọ̀n rẹ̀ ti máa ń tó bíi mílífóltì 1, ìyẹn ìdá kan nínú 1,000 fóltì kan. Iná tó wà nínú ògiri ilé ní Nàìjíríà tó 230 fóltì. Kò dìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ kan wáyà kí iná yẹn tó dé ara rẹ̀. Wáyà inú ògiri àti ara ẹni tó jókòó sí tòsí dà bí irin pẹlẹbẹ méjì tí afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn, bí iná bá sì ṣe ń lọ tó ń bọ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń ti inú afẹ́fẹ́ kọjá. Ó kéré débi pé ara kò lè mọ̀ ọ́n, àmọ́ lójú ẹ̀rọ tó ń wá mílífóltì kan ṣoṣo, ariwo ńlá ni.

Iná Nàìjíríà, ti Benin, ti Tógò àti ti Bìrìtìkó máa ń lọ bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà àti Brazil jẹ́ 60. Òun ni èèyàn fi ń dá ariwo yìí mọ̀. Bébà ìlùkìkì ọkàn sábà máa ń rin mílímítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìgbì wẹ́wẹ́ méjì bá wà nínú àpótí kékeré kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ mílímítà kan, 50 ti pé nìyẹn. Ọ̀daràn ti di mímọ̀.

Bí asẹ́ ṣe mú un kò ju ìṣirò àfikún àti àyọkúrò lọ. Ká ní ẹ̀rọ ń ka fóltì ní ìgbà 300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Níwọ̀n bí ìgbì iná ti jẹ́ 50, òǹkà mẹ́fà ló máa bọ́ sórí ìgbì kọ̀ọ̀kan. Bí gíga ìgbì náà bá jẹ́ 100, àwọn òǹkà yẹn lè jẹ́ 0, 87, 87, 0, −87, −87, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Òfin asẹ́ ni pé kí a mú òǹkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ká yọ èyí tó ṣáájú rẹ̀ kúrò, ká wá fi èyí tó tún ṣáájú ìyẹn kún un:

```
y[n] = x[n] - x[n-1] + x[n-2]
```

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. 87 yọ 87, fi 0 kún un: òfo. 0 yọ 87, fi 87 kún un: òfo. −87 yọ 0, fi 87 kún un: òfo náà ni. Ibi yòówù kí a ti bẹ̀rẹ̀, ìgbì iná ń pa ara rẹ̀ ni. Àmọ́ bí ohun tó dé bá jẹ́ 40, 40, 40 tí kò yára yí padà, 40 yọ 40, fi 40 kún un, 40 la máa bá níbẹ̀. Ohun tó ń rìn jẹ́jẹ́ kọjá láìfarapa.

Kì í ṣe èèṣì ni nọ́ńbà wọ̀nyí fi bára mu. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yunifásítì MIT àti ilé ìwòsàn Beth Israel ní ìlú Boston kó àkójọ ìlùkìkì ọkàn wọn jọ, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín in fáwọn olùwádìí lọ́dún 1980, òǹkà 360 ni wọ́n yàn fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná tiwọn jẹ́ 60, òǹkà mẹ́fà náà ló sì bọ́ sórí ìgbì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yàn án kí asẹ́ ariwo iná lè rọrùn láti ṣe.

Síbẹ̀, asẹ́ olóǹkà mẹ́ta yìí ń jẹ kọjá ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ohun tó bá ń lọ bọ̀ ní ìgbà 40, tí kì í ṣe ariwo iná rárá, ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan péré ló ń jẹ́ kó kọjá. Èyí tó bá jẹ́ 100, ńṣe ló ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Irú ìrìn kíákíá bẹ́ẹ̀ ló sì para pọ̀ di ṣóńṣó ìlùkìkì ọkàn, nítorí náà ìrísí ṣóńṣó yẹn á yí padà. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí asẹ́ tún máa wo ìdáhùn méjì tí òun fúnra rẹ̀ ti fún wa ṣáájú, kó máa fi wọ́n kún ìṣirò. Èyí máa ń sọ ẹnu rẹ̀ di tóóró. Nígbà náà, kìkì ohun tó wà láàárín nǹkan bíi 49.2 sí 50.8 ló máa ń gé gan-an, ìyókù á kọjá bó ṣe wà. Bí wọ́n bá ya iṣẹ́ rẹ̀ sórí bébà, ilẹ̀ títẹ́jú la máa rí, tí kòtò tóóró kan ṣoṣo wà ní 50. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní asẹ́ nọ́ọ̀ṣì, bí ẹní fi ọ̀bẹ gé ẹnu kékeré sára igi.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé kò gé ara ọkàn mọ́ ọn? Ẹni tó bá sẹ́ ọ̀gì máa ń wo èèrí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ yọ àwòrán kejì kúrò nínú ti àkọ́kọ́, kó ya ohun tó ṣẹ́kù. Bó bá jẹ́ ìgbì iná tó dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, asẹ́ ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí ohun kan bá ń ta gìrì nínú èèrí yẹn nígbàkígbà tí ọkàn bá lù, ọkàn ni asẹ́ ń jẹ.

Ẹnu tóóró náà ní ìyà tirẹ̀. Bí iná bá ti ibi 50 sún sí 49.5, bó ṣe sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lórí jẹnẹrétọ̀ tí ẹrù ń wọ̀ lọ́rùn, asẹ́ yìí á jẹ́ kí bíi ìdajì ariwo kọjá. Asẹ́ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta máa jẹ́ kí ìdá márùn-ún rẹ̀ kan kọjá, àmọ́ á gé ọkàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì lè ṣi dókítà lọ́nà. Asẹ́ tóóró kì í tètè gbàgbé: bí ṣóńṣó ìlùkìkì bá ti gbá a, òun fúnra rẹ̀ á máa gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀ bí agogo tí wọ́n lù, yóò sì tó ìdá márùn-ún kan ìṣẹ́jú àáyá kí ìgbọ̀n náà tó rẹlẹ̀ sí bíi ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan. Apá ibẹ̀ gan-an sì ni dókítà máa ń wò bó bá ń wá àmì pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ọkàn dáadáa. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ariwo iná gidi dọ́gba níbi gbogbo; ìgbọ̀n asẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ṣóńṣó, á sì máa kú lọ. Irú ìgbọ̀n yìí kan náà ló ń ba ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ inú àkọsílẹ̀ jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé e sọnù.

Nítorí náà, kí ìjíròrò kọ iye òǹkà, ibi tí kòtò wà àti bó ṣe fẹ̀ tó, kó sì fi èèrí hàn gẹ́gẹ́ bí àwòrán kẹta. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sì tọ́jú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí kò tíì gba inú asẹ́ kọjá, nítorí ohun tó ti di òfo ní 50, kò sí ìṣirò tó lè dá a padà.