Nígbà Tí Ẹgbẹ́ Sanwó Ọjà Kan Lẹ́ẹ̀mejì

Àkáǹtì lè bára mu régí kí owó sì ti bọ́ sọnù. Ohun tí akápò ẹgbẹ́ aláàánú kékeré kan nílùú Ìbàdàn bá pàdé nìyẹn. Ó ń fi sítétímẹ́ǹtì báńkì wé ìwé owó rẹ̀, kò sì sí kọ́bọ̀ tó dín. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ₦186,500 jáde fún òǹtẹ̀wé wọn ní ọjọ́ 4, iye kan náà sì tún jáde ní ọjọ́ 19. Wọ́n ti kọ méjèèjì sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìṣirò náà fi pé.

Kò tíì pariwo, nítorí iye tó jọra lè jẹ́ ti iṣẹ́ méjì. Ó lọ fa fáọ́ṣà yọ. Íńfọ́ìsì àkọ́kọ́ gba orí wásáàpù wá, akọ̀wé sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí 0147. Ìkejì jẹ́ ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n fi há ẹrù, 147 ni akọ̀wé kọ. Ẹni tó bá wá 0147 nínú ìwé kò ní rí 147. Ìwé tí wọ́n fi gba ẹrù wọlé ló wá yanjú ọ̀rọ̀ náà: ẹ̀ẹ̀kan péré ni nóòtù 500 wọlé.

Báńkì kò lè dá owó náà padà fúnra rẹ̀, torí ẹgbẹ́ ló fọwọ́ sí i, àkáǹtì tó yẹ ló sì lọ. Akápò ní kí òǹtẹ̀wé kọ gbogbo iṣẹ́ tó ṣe àti owó tó gbà lọ́dún náà. Ìwé ọkùnrin náà fi hàn pé ó gba méjèèjì, ṣùgbọ́n ó ti yọ ₦60,000 níbẹ̀ fún pósítà àyájọ́ ẹgbẹ́.

“Ìyá, ṣebí ẹ jẹ mí lówó pósítà?”

“A jẹ yín, Bàbá, a ó sì san án. Ṣùgbọ́n owó nóòtù lèyí. Ẹni tó fún wa kò ní ká fi tẹ pósítà.”

Mo gbà pé ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ akápò wà. Bí ó bá gbà kí wọ́n fi ọ̀kan dí èkejì, owó àwọn ọmọ ni wọ́n á fi ṣe ayẹyẹ, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀.

Òǹtẹ̀wé ti fi lára owó náà ra pépà. Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i: ₦100,000 lọ́sẹ̀ náà, ₦86,500 ní ìparí oṣù, sínú àkáǹtì ẹgbẹ́, kì í ṣe lọ́wọ́. Owó pósítà dúró lọ́tọ̀.

Kí owó tó dé, akápò yọ sísan kejì kúrò nínú ìnáwó, ó kọ ọ́ sí gbèsè tí òǹtẹ̀wé jẹ ẹgbẹ́. Nígbà tó dé, ó fi pa gbèsè náà rẹ́. Ká ní ó kọ ọ́ sí owó tó wọlé ni, ìròyìn ọdún ì bá sọ pé wọ́n ná ₦373,000 sórí nóòtù, pé ẹnì kan sì ta wọ́n lọ́rẹ ₦186,500.