Ìpàdé Kò Ní Lè Wáyé Mọ́: Ohun Tó Yẹ Ká Sọ àti Ohun Tó Yẹ Kó Kù Sílé

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ alásè kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní ìpàdé ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ní gbọ̀ngàn àríyá kan ní Sùúrùlérè, l'Ékòó. Ìyá ìyàwó ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, ìyàwó fúnra rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìkòròdú, máníjà gbọ̀ngàn náà yóò sì wà níbẹ̀ láti ṣílẹ̀kùn. Wọ́n fẹ́ jọ fẹnu kò lórí oúnjẹ tí wọ́n máa sè fún 300 àlejò. Nígbà tó di aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú, àbúrò alásè yìí pè é pẹ̀lú ẹkún. Oyún oṣù mẹ́rin wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò sì sí nílùú. Ẹ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí ọsíbítù lójú ẹsẹ̀.

Kò sí ọmọlúwàbí tó máa bá a jà pé kò wá sípàdé. Ohun tó nira ni bó ṣe máa sọ ọ́. Bí àyà ẹni bá ti ń já báyìí, ẹnu a máa sáré. Ó lè pe ìyá ìyàwó, kó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìpè kan ṣoṣo: oyún, ẹ̀jẹ̀, ọkọ tí kò sí nílùú, orúkọ ọsíbítù. Ìyá ìyàwó á sọ fún ọmọ rẹ̀, ọmọ á sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Kó tó di alẹ́, àbúrò tí kò tíì sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pàápàá pé òun lóyún á wà lẹ́nu àwọn tí kò mọ̀ rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù nìyẹn. Nígbà tí ohun pàjáwìrì bá dé, lọ́pọ̀ ìgbà, ìròyìn tó wà lẹ́nu wa kì í ṣe tiwa. Ti aláìsàn ni, tàbí ti ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pè wá sí, tàbí ti tọkọtaya tí ìjà wọn gba pé ká lọ là wọ́n. A lè yọ̀ǹda àṣírí ara wa bó bá wù wá, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn kò sí níkàáwọ́ wa láti fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oníbàárà.

Kí wá ni ẹni tó ń dúró dè wá nílò? Ó nílò láti mọ̀ pé ìpàdé kò ní wáyé, kó lè dá ẹsẹ̀ dúró. Ó nílò ìdí kan tó máa fi hàn án pé a kò fojú di òun. Ó nílò láti mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe báyìí, kó sì mọ ìgbà tí òun máa tún gbúròó wa. Àwọn nǹkan mẹ́rin yìí ni. Ohun gbogbo tí a bá fi kún un ń gba àkókò lọ́wọ́ wa, kò sì ṣe òun láǹfààní kankan.

Ẹni tí a máa kọ́kọ́ pè ni ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn jù, torí òun ló ṣeé ṣe kó ti jáde. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìyá ìyàwó ni. Ìpè ló tọ́ sí i, kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́, torí pé àgbà ni, àti torí pé ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ lè má wo fóònù rẹ̀ títí tó fi máa dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ẹ gbọ́ bí alásè náà ṣe lè sọ ọ́:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò ní lè wá sípàdé aago mẹ́wàá yẹn mọ́. Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì kan ló ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa, mo sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì jáde, ẹ má wulẹ̀ jáde mọ́ mà. Màá pè yín kó tó di aago mẹ́rin ọ̀la, ká lè jọ mú ọjọ́ mìíràn.”

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo bó ṣe sọ ìdí rẹ̀: “ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nínú ẹbí.” Ó fi ibi tí ọ̀ràn wà hàn, kò fi ẹni tí ọ̀ràn kàn hàn. Bó bá ní “ọ̀rọ̀ àìsàn,” ó ti sún mọ́ àṣírí náà díẹ̀. Bó bá ní “ara àbúrò mi obìnrin ni kò yá,” tí ìyá ìyàwó sì mọ̀ pé àbúrò obìnrin kan ṣoṣo ló ní, ó ti dárúkọ rẹ̀ nìyẹn. Bó bá wá fi orúkọ ọsíbítù kún un, àwọn kan lè gbéra lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an láti lọ kí i, pẹ̀lú ọkàn rere.

Ẹ tún wo ìlérí tó ṣe. Kò sọ pé “ká ṣe é lọ́la,” torí kò mọ bí ọ̀la ṣe máa rí. Ẹni tó bá fi kánjúkánjú mú ọjọ́ tuntun lè tún ní láti wọ́gi lé ìyẹn náà, ìgbà kejì yìí ni sùúrù àwọn èèyàn sì máa ń tán. Ìpè ló ṣèlérí, ìpè sì ṣeé ṣe láti ẹnu ọ̀nà yàrá ìtọ́jú.

Níwọ̀n bí a ti ń gbé láàárín Yorùbá, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ìbéèrè ń bọ̀. “Háà! Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ni ara rẹ̀ kò yá?” Kì í ṣe òfófó ló ń bi ìyá náà nínú. Àánú ni, ẹni tí kò bá sì béèrè lè dà bí ẹni tí kò bìkítà. Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ fi ohùn líle dá a lóhùn. A máa gba àánú rẹ̀, a máa fi í lọ́kàn balẹ̀, a ó sì yí ọ̀rọ̀ padà sórí ohun tó lè bá wa ṣe: “Ẹ ṣé gan-an mà. A ti ń mójú tó o, ẹ ṣáà máa fi àdúrà tì wá lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ìyàwó wa kó má tíì kúrò nílé.” Bó bá tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, “Ẹ jẹ́ kí ọkàn mi kọ́kọ́ balẹ̀ mà, màá pè yín lọ́la” ti tó. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ìyá náà á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún wúwo, á sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù.

Ohun tí kò yẹ kó rọ́pò ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni irọ́. Àwọn kan rò pé “ọkọ̀ mi bàjẹ́ lójú ọ̀nà” rọrùn ju “ọ̀rọ̀ ẹbí” lọ. Ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó lè sọ pé òun á rán dẹ́rẹ́bà òun wá, alásè á sì ní láti wá irọ́ mìíràn. Irọ́ máa ń béèrè àlàyé: níbo lọkọ̀ ti bàjẹ́, ta ni mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe. Òótọ́ kúkurú kò béèrè ìkankan nínú wọn, torí a ti sọ ọ́ tán.

Lẹ́yìn ìpè yìí àti ti ìyàwó, máníjà gbọ̀ngàn kò nílò ju àtẹ̀jíṣẹ́ lọ. Bí àwọn ẹbí bá ní ẹgbẹ́ lórí WhatsApp fún ìgbéyàwó náà, ohun tó máa lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrú ju ti orí fóònù lọ: “Ìpàdé òní kò ní wáyé mọ́. Mo ti bá Mọ́mì sọ̀rọ̀. Ẹ ó gbọ́ nípa ọjọ́ tuntun.” Ìdí kò tilẹ̀ pọn dandan níbẹ̀, torí a kò mọ gbogbo ẹni tó ń kà á. WhatsApp ń jẹ́ ká pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fún gbogbo èèyàn láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì àbọ̀, àmọ́ kò lè pa á rẹ́ lójú ẹni tó ti kà á, tàbí lórí fóònù ẹni tó ti ya àwòrán rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó máa gba ìpè àwọn oníbàárà náà gbọ́dọ̀ gba gbólóhùn kan náà, “ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nínú ẹbí,” kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó mọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti ẹni tó ń gba owó oṣù yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn tó fẹ́ bá a ṣèpàdé kò nílò ju ohun tí alásè yẹn sọ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó máa fún un láyè lè ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Nàìjíríà, òfin iṣẹ́ fàyè gba òṣìṣẹ́ tó kàn láti gba owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tí kò ju 12 lọ lọ́dún bí àìsàn bá dá a dúró, bí dókítà tó ní ìwé àṣẹ bá ti jẹ́rìí sí i. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tàbí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ni ìwé dókítà náà ń lọ, kì í ṣe inú ẹgbẹ́ WhatsApp ilé iṣẹ́. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ ìsọfúnni tó gba ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀. Fún àwọn èèyàn wa tó wà ní Bìrìtéènì, òfin fún òṣìṣẹ́ láyè láti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pàjáwìrì ẹni tó gbójú lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò sọ ọ́ di dandan kí wọ́n san owó àkókò náà. Ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún ọ̀gá kíá, kó sì sọ bó ṣe rò pé yóò pẹ́ tó. “Ìyá mi ṣubú lójijì, kò sí ẹlòmíràn tó lè dúró tì wọ́n” kún ojú ìwọ̀n níbẹ̀. Èsì àyẹ̀wò ìyá kò sí lára ìdí náà.

Ìgbà kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. Bó bá jẹ́ àìsàn tó ń ràn, bí ibà Lásà, tí a sì ti jókòó ti àwọn èèyàn náà láìpẹ́ yìí, ìlera wọn ti wọ inú ọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tó máa jẹ́ kí wọ́n lè ṣọ́ra fún ara wọn, ká tilẹ̀ má dárúkọ aláìsàn. Bákan náà, bí wíwọ́gi lé ìpàdé wa bá ti ná ẹnì kan lówó, bí owó ọkọ̀ láti Abẹ́òkúta, ó yẹ ká dá owó náà padà fún un láìjẹ́ pé ó béèrè. Owó yẹn ń tọrọ àforíjì ju ìtàn gígùn lọ.

Tí aago mẹ́ta ààbọ̀ bá lù lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kí alásè náà pe ìyá ìyàwó bó ṣe ṣèlérí, bí kò bá tilẹ̀ tíì ní ọjọ́ kan láti dá. “Ẹ kú ìrọ́jú mà. Ọwọ́ mi kò tíì dilẹ̀, ṣùgbọ́n màá ti mọ bó ṣe máa rí títí di ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè.” Ìpè tó wá lásìkò yìí ló máa jẹ́ kí ìyá náà gbà gbọ́ pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àná, kò ní nílò láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó fọkàn tán an pé á sè fún 300 àlejò ọmọ òun.